Ìwé wo? Ta ló gbà á? Ohun tí mo kọ́ lórí àga oníbàárà

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi mí pé kí ni èmi tí mò ń kọ́ èdè Yorùbá ń wá lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Òfin ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ní sáà tó kọjá. Àwọn kan tiẹ̀ ní mo fẹ́ pààrọ̀ kọ́ọ̀sì. Rárá o. Iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀ mí, iṣẹ́ náà sì ni pé kí n di ayálégbé tí lańlọ́ọ̀dù fẹ́ lé jáde.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òfin ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní kílíníìkì òfin. Àwọn ará àdúgbò tí kò lówó lọ́yà máa ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, olùkọ́ tó jẹ́ lọ́yà a sì máa ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá wọn lóhùn. Kí wọ́n tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti oníbàárà gidi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánrawò. Ẹnì kan á ṣe bí oníbàárà, akẹ́kọ̀ọ́ á fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á sì gbà á nímọ̀ràn kí àkókò tó pé. Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sí kílíníìkì yìí ń sọ, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò láti ọjọ́ yìí wá. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ wọn fi wá sí ẹ̀ka tiwa. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò fi Yorùbá ṣe oníbàárà látòkèdélẹ̀, tí kò ní fi Gẹ̀ẹ́sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ sọ fún yín nípa ohun tí mo rí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń gba ilé lọ́wọ́ èèyàn tàbí tó ń gbà á sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni, irú èyí tí ẹni tó ń béèrè àti ẹni tó ń dáhùn jọ rò pé ó ti yé àwọn. “Wọ́n ti fún mi ní nótíìsì.” “Oṣooṣù ni mò ń sanwó.” Ta ni ìyẹn kò yé? Ẹ jẹ́ kí a wò ó ná.

Ìwé ojú kan

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdánrawò, wọ́n fún mi ní ìwé ojú kan, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Mo di Ìyá Bọ́lá, aránṣọ tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Bárígà. Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ nínú ìwé. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ìtàn Ìyá Bọ́lá sí.

Apá kìíní ni ohun tí mo lè sọ ní kété tí wọ́n bá ní kí n máa sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé lańlọ́ọ̀dù fẹ́ lé mi, pé wọ́n ti fún mi ní nótíìsì, pé oṣù kan péré ni wọ́n fún mi, àti pé n kò ríbi lọ.

Apá kejì ni ohun tí n kò gbọdọ̀ sọ àfi bí wọ́n bá béèrè. Mo kó wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2019. A kò kọ ìwé àdéhùn kankan. ₦180,000 ni owó ilé fún ọdún kan. Lọ́dún 2019 àti 2020, mo san án lẹ́ẹ̀kan, lańlọ́ọ̀dù sì fún mi ní rìsíìtì. Láti 2021, iṣẹ́ dẹ̀, mo bẹ lańlọ́ọ̀dù, ó ní kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ fún kíátékà. ₦15,000 ni mò ń san lóṣù, kíátékà a sì máa kọ ọ́ sínú ìwé olójú ewé kan tó wà lọ́wọ́ mi. Lańlọ́ọ̀dù kú lọ́dún 2023, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó ilé. Ọmọ yìí ló kọ ìwé pé kí n jáde láàárín oṣù kan. N kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá, Bọ́lá ọmọ mi ló gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Apá kẹta ni èyí tí wọ́n fi ìlà sí nídìí. N kò gbọdọ̀ sọ ọ́ àyàfi bí ẹni tó ń béèrè bá jẹ́ kó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde, tàbí tó bá béèrè lọ́nà tí kò ní dójú tì mí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo jẹ gbèsè. Owó oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2024 ni mo san fún kíátékà. Ní oṣù kẹsàn-án, mo fi ₦30,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọmọ lańlọ́ọ̀dù, kò sì fún mi ní rìsíìtì. Ìlà tó kẹ́yìn sọ ohun tí Ìyá Bọ́lá ń fẹ́ gan-an: kí Bọ́lá tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní girama ṣe ìdánwò Wáẹ́kì tán láti inú ilé yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọ̀ láti kó lọ.

Oníbàárà kan náà, ìwé kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni mo dá lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Méjì nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bá yín lé lórí.

Ẹni tó parí ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá

Àkọ́kọ́ mọ òfin. Ó kí mi dáadáa, “Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú ìrìn”, ó fún mi ní àga, ó sì bẹ̀rẹ̀.

“Mà, ṣé wọ́n fún yín ní nótíìsì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Oṣù mélòó?”

“Oṣù kan.”

“Ṣé ọdọọdún lẹ ń sanwó ni àbí oṣooṣù?”

“Ọdọọdún ni tẹ́lẹ̀. Ó ti di oṣooṣù báyìí.”

“Ṣé ẹ jẹ wọ́n lówó?”

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, “Kò fi bẹ́ẹ̀ sí.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí.

Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé òfin fún mi, àlàyé rẹ̀ kò sì ní àbùkù. Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ iye àkókò tó yẹ kí lańlọ́ọ̀dù fún ayálégbé bí wọn kò bá ti jọ ṣe àdéhùn mìíràn lórí rẹ̀. Ayálégbé oṣooṣù, oṣù kan. Ẹni tó ń san án ní oṣù mẹ́tamẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fàmẹ́fà, oṣù mẹ́ta. Ayálégbé ọdọọdún, oṣù mẹ́fà. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé oṣooṣù ni mò ń san, oṣù kan tí wọ́n fún mi bófin mu, kí n tètè máa wá ilé. Ó bá mi kẹ́dùn, ó sì dìde. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló lò.

Ká ní Ìyá Bọ́lá gidi ni mí, màá ti lọ yá owó àgbàwọ́ọ̀lé, owó àgẹ́ǹtì àti owó àgírímẹ́ǹtì kí oṣù tó parí, ọmọ mi á sì pààrọ̀ ilé nígbà tí ìdánwò ku oṣù díẹ̀. Kò sí irọ́ kankan nínú òfin tó kà fún mi. Orí ohun tí n kò sọ ni ilé náà fi wó. Òun náà kò sì mọ̀ pé ohun kan kù tí n kò sọ, torí gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ló rí ìdáhùn.

Ẹni tó ní kí n mú ìwé náà wá

Ìkejì kò tètè béèrè nípa nótíìsì. Ó kí mi, ó béèrè bí mo ṣe fẹ́ kí òun máa pè mí, mo ní Ìyá Bọ́lá. Ó wá sọ irú ẹni tí òun jẹ́: “Ìyá Bọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́, mi ò tíì di lọ́yà. Ohun tí mo bá sọ lónìí, olùkọ́ mi tó jẹ́ lọ́yà ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ lé e. Ohun tí ẹ bá sọ níbí, àárín èmi, ẹ̀yin àti olùkọ́ mi ló máa wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí onílé yín tàbí aládùúgbò yín máa gbọ́ lẹ́nu wa.” Ó béèrè orúkọ onílé kó tó jẹ́ kí n rojọ́, kó lè mọ̀ bóyá kílíníìkì náà ti gba onílé yẹn nímọ̀ràn rí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní lè gbọ́ tèmi.

Ìgbà náà ló wá ní, “Ẹ máa sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mi ò ní já lu ọ̀rọ̀ yín.” Mo sọ apá kìíní tán. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ẹ wo ìbéèrè tó tẹ̀ lé e:

“Nótíìsì tí ẹ ní wọ́n fún yín yẹn, ṣé ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ ni àbí ìwé?”

“Ìwé ni.”

“Ta ló gbà á?”

“Bọ́lá ni.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni Bọ́lá?”

“Mẹ́rìndínlógún.”

“Ṣé àgbàlagbà mìíràn wà nílé lọ́jọ́ náà?”

“Èmi àti ọmọ mi nìkan ló ń gbé ibẹ̀.”

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí. Nínú Yorùbá, “wọ́n fún mi” kò sọ ta ló fúnni, kò sì sọ ọwọ́ ta ló bọ́ sí. “Wọ́n” lè jẹ́ lańlọ́ọ̀dù, ó lè jẹ́ kíátékà, ó sì lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tí a kò fẹ́ dárúkọ. “Fún mi” kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ mi ló bọ́ sí, torí ohun tí wọ́n bá fún ọmọ mi, wọ́n ti fún mi nìyẹn. Kò sí ìyá tó máa sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Àmọ́ lábẹ́ òfin Èkó yìí, ọ̀nà tí ìwé fi dé ọwọ́ ayálégbé ilé gbígbé ní ìlànà tirẹ̀. Wọ́n lè fi lé ayálégbé fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n lè fún àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé náà. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n lè fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù kiri, kí ìyẹn sì mú ẹ̀rí wá pé ó dé ibẹ̀. Wọ́n tún lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó hàn gbangba lára ilé, kí wọ́n sì ní ẹ̀rí pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò sí nínú rẹ̀. Ìbéèrè kúkúrú méjì, “ta ló gbà á?” àti “ọmọ ọdún mélòó ni?”, ló jẹ́ kí ìwé tí àkọ́kọ́ pè ní nótíìsì di ohun tí a lè bá jiyàn ní kóòtù.

“Ó ku”

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rọ̀ owó. Òun náà béèrè bí mo ṣe ń sanwó, èmi náà sì dáhùn bákan náà pé ọdọọdún ni tẹ́lẹ̀, ó ti di oṣooṣù. Ibi tí àkọ́kọ́ ti dúró nìyẹn. Ìkejì ní, “Báwo ló ṣe di oṣooṣù? Ta ló ní kó rí bẹ́ẹ̀? Kí ni ẹ sọ fún onílé lọ́jọ́ náà, kí lòun náà sì fi dá yín lóhùn?”

Mo ní mo bẹ onílé pé owó kò sí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kò burú, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀.

“Ṣé ó fún yín ní rìsíìtì?”

“Ó wà fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Ìwé olójú ewé ni kíátékà ń kọ ìyókù sí.”

“Ṣé ẹ mú un dání?”

Wọ́n ti sọ fún mi pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí n mú un jáde. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, méjì péré ló béèrè. Mo fà á yọ nínú báàgì, ó ṣí i, ó sì kà á sókè: “Oṣù kìíní, ₦15,000, ó ku ₦165,000. Oṣù kejì, ₦15,000, ó ku ₦150,000.” Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé òpin ọdún. Bí ọdún tuntun bá wọlé, kíátékà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ₦180,000.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka Yorùbá, ọ̀rọ̀ méjì péré nìyẹn, “ó ku”. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ẹjọ́ náà. Òfin yìí sọ pé bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, àkókò tí wọ́n ń san owó ilé tàbí tí wọ́n ń béèrè rẹ̀ ni a ó fi mọ irú ayálégbé tí èèyàn jẹ́. Ẹni tó bá wo ₦15,000 lóṣooṣù nìkan á ní ayálégbé oṣooṣù ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó oṣù kan ni onílé ń béèrè, nígbà tí wọ́n bá ti san ₦15,000, kí ló tún lè kù? Ohun tí kíátékà ń kọ fi hàn pé owó ọdún kan ni wọ́n ń béèrè, àti pé Ìyá Bọ́lá kàn ń gé e san ni. Pé ₦180,000 bá pín sí méjìlá tó sì jẹ́ ₦15,000 géérégé ló ń tan èèyàn jẹ. Rìsíìtì ọdún méjì àkọ́kọ́ náà gbè é lẹ́yìn, torí “Jánúárì sí Dìsẹ́ńbà” ló wà lára rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ayálégbé ọdọọdún, oṣù mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n fún un, kì í ṣe oṣù kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì nìyẹn, oṣù márùn-ún, ó sì wà nínú ìwé olójú ewé tí àkọ́kọ́ kò béèrè.

Gbèsè

Ó ku apá kẹta. Àkọ́kọ́ béèrè pé “ṣé ẹ jẹ wọ́n lówó?”, mo sì ní “kò fi bẹ́ẹ̀ sí”. Gbogbo wa mọ̀ pé “kò fi bẹ́ẹ̀ sí” kì í ṣe “kò sí” láé. Bí àgbàlagbà bá sọ ọ́ fún ọmọdé tó sì wo ilẹ̀, ó ń bẹ ọmọdé náà pé kó má tú òun síta ni. Ìkejì kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ìyá Bọ́lá, ọdún yìí le fún gbogbo èèyàn. Lára ₦180,000 ti ọdún yìí, èló ló ti wọlé fún wọn?”

Ẹ rí i pé kò béèrè ohun tí mo jẹ. Ohun tí mo ti san ló béèrè. Kò sẹ́ni tí ojú ń tì láti sọ ohun tó ti san. Mo ní ₦90,000 wà nínú ìwé kíátékà. Ó ní, “Ṣé ẹ tún san nǹkan kan tí kò sí nínú ìwé yìí?” Mo ní mo fi ₦30,000 ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní oṣù kẹsàn-án. “Ṣé áláàtì rẹ̀ wà lórí fóònù yín?” Ó wà. Ó ní kí n má ṣe pa á rẹ́, kí n sì lọ gba sítétímẹ́ǹtì ní báńkì. Ó wá ṣírò rẹ̀ lójú mi: ₦90,000 àti ₦30,000 jẹ́ ₦120,000, ó ku ₦60,000.

₦30,000 yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe wò lọ. Ká ní adájọ́ kò gba ọ̀rọ̀ wa, tó ní ayálégbé oṣooṣù ni Ìyá Bọ́lá. Òfin sọ pé bí ayálégbé oṣooṣù bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, ìyálégbé náà ti dópin, bí onílé bá sì fìdí gbèsè náà múlẹ̀, kóòtù á pàṣẹ kó gba ilé rẹ̀ pẹ̀lú owó tó kù. Láìka ₦30,000, gbèsè náà á ti pé oṣù márùn-ún bí oṣù kọkànlá bá parí, ìkẹfà sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Bí a bá kà á, oṣù mẹ́ta ni. Èyí fi hàn pé gbèsè tí oníbàárà ń fi pa mọ́ nítorí ìtìjú lè ní ẹ̀rí tó máa gbè é nínú. Bí a kò bá gbọ́ gbèsè, a kò ní gbọ́ owó tó san.

Ìmọ̀ràn

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ìkejì ti ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Bí ọ̀rọ̀ yìí bá máa dára lójú yín, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó rí?” Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ pé òun nìkan ló béèrè ìyẹn nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn yòókù gbà pé ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé, kó má kúrò ni yóò máa fẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bọ́lá àti Wáẹ́kì fún un.

Ìmọ̀ràn tó fún mi kò gùn. Ó ní ìwé oṣù kan yẹn nìkan kò tó láti mú mi jáde, kí n má ṣe kó ẹrù. Bí wọ́n tiẹ̀ fún mi ní oṣù mẹ́fà lónìí lọ́nà tó tọ́, bí ó bá pé, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ fún mi ní ìwé ọjọ́ méje pé àwọn ń lọ sí kóòtù, kóòtù ló sì lè pàṣẹ pé kí n jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá wá yọ ilẹ̀kùn, tó ṣí òrùlé, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ mi kí n lè sá jáde, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin yìí. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí kí onítọ̀hún lọ sẹ́wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà. Kí n má bá wọn jà, kí n ya fọ́tò, kí n sì tètè wá.

Lẹ́yìn náà ló sọ apá tí kò dùn. Ó ní ₦60,000 ṣì jẹ́ gbèsè, òfin kò pa á rẹ́. Kí n san ohun tí mo bá rí, kí n sì gba rìsíìtì, torí òfin ní kí onílé máa fún ayálégbé ní rìsíìtì owó ilé. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. Mo lè dúró kí wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù, kí a sì jiyàn lórí ìwé náà, àmọ́ onílé lè kọ́ ọgbọ́n, kó wá fi oṣù mẹ́fà tó tọ́ lé mi lọ́wọ́ kó tó débẹ̀. Ó sì lè ní bàbá òun ti yí àdéhùn náà padà sí oṣooṣù. A kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà. Ọ̀nà kejì ni pé kí a kọ̀wé sí onílé láti wá jókòó ní ibùdó ìpẹ̀tùsááwọ̀ ti ìjọba Èkó, níbi tí wọn kì í ti gbowó. Mo lè ṣèlérí bí màá ṣe san ₦60,000, kí òun náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò ní lé mi títí ìdánwò á fi parí.

Kò sọ èyí tí kí n mú. Ó ní, “Ìyá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.” Ẹ gbọ́ ọgbọ́n yẹn. Kò ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó yé mi, torí Ìyá Bọ́lá á ní ó yé òun kó má bàa jọ òpè. Ara rẹ̀ ló gbé ẹ̀bi àìyé náà lé. Mo tún un sọ, mo sì dá a rú díẹ̀ bí ìwé mi ṣe ní kí n ṣe: mo ní, “Ṣé mi ò ní san gbèsè mọ́ nìyẹn?” Ó rẹ́rìn-ín, ó tún apá yẹn ṣàlàyé. Ó ní òun máa béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bóyá ọmọ onílé ní àṣẹ láti kọ ìwé náà láìsí àwọn àbúrò rẹ̀, nígbà tí bàbá wọn ti kú. Kò dáhùn ohun tí kò mọ̀.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà

Nígbà tí olùkọ́ pe gbogbo wa jókòó, ó ní kí n ka ìwé mi sókè. Àkọ́kọ́ gbọ́ ọ́ títí dé ìlà tó kẹ́yìn, ó ní, “Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ fún mi.” Olùkọ́ ní òótọ́ ni. Ó ní oníbàárà kì í mọ ohun tó wúlò nínú ìtàn rẹ̀, ìdí tó fi wá nìyẹn.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka wa ti bá wọn kọ àwọn ìbéèrè kan sílẹ̀ ní Yorùbá báyìí, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá tí wọ́n ti ń gba oníbàárà. Kò ju márùn-ún lọ. Ìwé wo, kí ló sì wà nínú rẹ̀? Ta ló gbà á, lọ́jọ́ wo? Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ sanwó, kí ni onílé ní owó náà wà fún, kí ló sì wà lára rìsíìtì? Èló ló ti wọlé fún wọn lọ́dún yìí, kí ló sì fi hàn bẹ́ẹ̀? Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó rí? A kò kọ “ṣé ẹ gba nótíìsì?” sí i, torí ìdáhùn tí ìyẹn máa ń mú wá ni “bẹ́ẹ̀ ni”, “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé lọ́wọ́ Ìyá Bọ́lá.

Ní sáà tó ń bọ̀, ayálégbé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdánrawò, wọ́n sì ń wá oníbàárà mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń sọ̀rọ̀ owó láì dárúkọ owó, kó wá rí mi. Kò sówó níbẹ̀ o, àmọ́ wọ́n máa ń se ìrẹsì.